Ṣáàtì Wasáàpù lórí owó kòkó: kí lẹ máa gbé dé kọ́ọ̀tù?

*Lọ́yà, ẹ kú iṣẹ́ sà. Àkúrẹ́ ni mo wà, mo ń ta aṣọ l'Ọ́jà Ọba. January 2025 mo yá ọkùnrin kan tó ń ra kòkó n'Ídànrè ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀ ó dín 300k, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fi ránṣẹ́, 700k àti 500k. Orí Wasáàpù la ti sọ gbogbo ẹ̀, kò sí ìwé kankan. Ní báyìí ó ní kì í ṣe pé mo yá òun, a jọ dówó pọ̀ ṣòwò ni, òwò sì ti bàjẹ́. Mo ti ṣe sikirinṣọ́ọ̀tù mẹ́fà, mo gé ibi tí mo ti ń bi í nípa èrè kúrò torí kò kan ọ̀rọ̀ náà. Ó ní òun máa sọ ní kọ́ọ̀tù pé mo fi kọ̀ǹpútà ṣe é ni. Ó ti ń pa mẹ́sééjì ẹ̀ rẹ́, ó tún tan èyí tó máa ń jẹ́ kí mẹ́sééjì pòórá. Ojú fóònù mi ti fọ́, mo fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣé kọ́ọ̀tù á gbà á?*

Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pààrọ̀ fóònù yẹn o, ẹ má sì yọ Wasáàpù kúrò lórí ẹ̀ pé ẹ fẹ́ tún un gbé sí i. Kọ́ọ̀tù lè gbà á dáadáa tẹ́ ẹ bá ṣe é bó ṣe yẹ, àmọ́ sikirinṣọ́ọ̀tù mẹ́fà tẹ́ ẹ ti gé yẹn ló kéré jù nínú ohun tẹ́ ẹ ní lọ́wọ́. Fóònù yẹn gan-an, pẹ̀lú ṣáàtì tó wà lórí ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, lẹ̀rí. Fọ́tò ojú ẹ̀ ni sikirinṣọ́ọ̀tù, tí wọ́n bá sì ń jiyàn lórí fọ́tò, ohun tí wọ́n yà ní fọ́tò làwọn èèyàn máa ń ní kí wọ́n gbé wá.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú ẹ̀rù kúrò lára yín díẹ̀. Ọkùnrin yẹn ò lè pa mẹ́sééjì oṣù January rẹ́ lórí fóònù tiyín mọ́. Wasáàpù gbà kéèyàn pa mẹ́sééjì tó ti fi ránṣẹ́ rẹ́ lọ́dọ̀ ẹni méjèèjì, èyí tó máa ń kọ `Delete for everyone` yẹn, àmọ́ ọjọ́ méjì ó lé díẹ̀ péré ló fún un. Tí àsìkò yẹn bá ti kọjá, bó bá ń pa á rẹ́ tó sì ń làágùn, orí fóònù tiẹ̀ nìkan ló ti máa lọ, tiyín á ṣì jókòó síbẹ̀ gbagidi. Tó bá jẹ́ pé ó fẹ́ yí ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ padà ni, ìṣẹ́jú 15 ló ní lẹ́yìn tó fi ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ `Edited` á sì hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Àwọn mẹ́sééjì tuntun ló ń pa rẹ́ báyìí, àwọn yẹn sì fi àpá sílẹ̀, ibi tí wọ́n wà á kọ ọ́ pé `This message was deleted`. Ẹ má fọwọ́ kan àpá yẹn. Lóòótọ́ adájọ́ ò lè ka ohun tí kò sí níbẹ̀ mọ́, àmọ́ lọ́yà yín lè bi í lójú gbogbo ayé pé kí ló kọ tó fi sáré pa á rẹ́, kó wá sọ.

Èyí tó ń jẹ́ kí mẹ́sééjì pòórá ńkọ́? Ìyẹn náà ò lè padà sẹ́yìn. Mẹ́sééjì tó bá wọlé lẹ́yìn tó ti tàn án ló máa ń gbé lọ, ó lè jẹ́ lẹ́yìn wákàtí 24, ó lè jẹ́ ọjọ́ 7, ó lè jẹ́ 90, bó bá ṣe yàn án. Bó ṣe tàn án lọ́jọ́ yẹn, Wasáàpù fúnra ẹ̀ kọ ọ́ sáàárín ṣáàtì yín pé òun ló tàn án, ẹ lọ wò ó, ọjọ́ ẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ̀rí nìyẹn náà jẹ́. Ẹ̀yin náà lè pa á, torí ẹ̀yin méjèèjì lẹ láṣẹ lórí ẹ̀: ẹ tẹ orúkọ ẹ̀ lókè, ẹ lọ sí `Disappearing messages`, ẹ yan `Off`. Bó bá tún un tàn, ìyẹn náà á tún kọ síbẹ̀. Títí dìgbà tí gbogbo ẹ̀ á fi rọlẹ̀, mẹ́sééjì tuntun yòówù tó bá wọlé látọ̀dọ̀ ẹ̀, kẹ́ ẹ ya fọ́tò ẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ má sọ pé tó bá dalẹ́.

Nípa fóònù tó fọ́, ojú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ pààrọ̀. Ẹ sọ fún ẹni tó ń tún un ṣe pé ojú nìkan o, kò gbọdọ̀ fọ inú ẹ̀, tó bá ní òun máa fíláàṣì ẹ̀ díẹ̀ kó lè yára, ẹ gba fóònù yín kẹ́ ẹ sì máa lọ sílé. Kẹ́ ẹ tó gbé e fún un, ẹ lọ sí `Settings`, `Chats`, `Chat backup`, kẹ́ ẹ ṣe bákọ́ọ̀pù lọ́wọ́ yín, ẹ dúró títí tó máa fi parí. Bẹ́ ẹ bá ti ní owó fóònù tuntun lọ́wọ́, ẹ rà á, mi ò ní kẹ́ ẹ má rà á, ẹ fi síìmù mìíràn sí i, àmọ́ kí ti àtijọ́ wà nínú dúrọ́ọ̀ pẹ̀lú Wasáàpù ẹ̀ lórí ẹ̀ títí ẹjọ́ á fi parí. Mo sọ bẹ́ẹ̀ torí tẹ́ ẹ bá gbé ṣáàtì lọ sórí fóònù mìíràn, kò bàjẹ́ o, àmọ́ ìbéèrè mìíràn lẹ ti dá sílẹ̀ yẹn, lọ́yà tiẹ̀ á máa bi yín pé báwo lẹ ṣe gbé e, ta ló bá yín gbé e, kí ló sọnù lọ́nà.

Ó ku kíkó ṣáàtì jáde. Ẹ ṣí ṣáàtì ọkùnrin náà, ẹ tẹ àmì mẹ́ta tó wà lókè lápá ọ̀tún, ẹ tẹ `More`, ẹ wá tẹ `Export chat`. (Tó bá jẹ́ áífóònù ni, orúkọ ẹ̀ lẹ máa tẹ lókè, kẹ́ ẹ wá wálẹ̀ títí dé ibi tí wọ́n kọ `Export Chat` sí.) Ó máa bi yín bóyá ẹ fẹ́ kó àwọn fọ́tò àti fọ́ìsì nóòtù mọ́ ọn. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan pẹ̀lú wọn, ọ̀kan láìsí wọn, torí tẹ́ ẹ bá kó wọn mọ́ ọn, mẹ́sééjì 10,000 tó kẹ́yìn ló lè gbé, tí kò bá sí wọn níbẹ̀, ó lè gbé 40,000. Ẹ̀yin méjì tẹ́ ẹ kàn ń sọ̀rọ̀ owó, mi ò rò pé ẹ tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ èèyàn ò mọ̀, àwọn kan máa ń kí ara wọn láàárọ̀ lálẹ́. Ìméèlì yín ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí, kó lè ní ọjọ́ àti aago tó wọlé, ẹ má ṣí i, ẹ má tún un kọ, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó máa jáde nìyí, èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ sínú ẹ̀ kẹ́ ẹ lè rí bó ṣe máa ń rí lórí Áńdíróìdì:

```
14/01/2025, 7:42 pm - Baba Koko Idanre: Owo ti wole o, mo ri 700k
14/01/2025, 7:44 pm - Baba Koko Idanre: Maa da gbogbo e pada ki August to pari
14/01/2025, 7:51 pm - Baba Koko Idanre: PTT-20250114-WA0012.opus (file attached)
03/09/2025, 9:10 am - Baba Koko Idanre: This message was deleted
```

Ẹ wo ìlà kẹta yẹn, fọ́ìsì nóòtù nìyẹn, orúkọ fáìlì ẹ̀ ti gbé ọjọ́ tó wọlé dání, fáìlì fúnra ẹ̀ á sì wà nínú ohun tó jáde tẹ́ ẹ bá yan èyí tó ń kó wọn mọ́ ọn. Ìyẹn dára. Èyí tí kò dára ni orúkọ tó wà níwájú gbogbo ìlà. Ẹ̀yin lẹ fún un lórúkọ yẹn nínú fóònù yín, nọ́ńbà ẹ̀ ò sì hàn níbì kankan. Ibi tí ìjà máa ń bẹ́ sílẹ̀ nìyẹn. Ẹnikẹ́ni lè fi nọ́ńbà ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ pamọ́ sí "Baba Koko Idanre", kí àwọn méjèèjì jókòó ní yàrá kan náà kí wọ́n máa kọ ọ̀rọ̀ gbèsè síra wọn, kó wá kó o jáde, kó sì máa sunkún. Áàpù tó ń ya ṣáàtì irọ́ pàápàá wà, kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Àwọn adájọ́ mọ̀. Nítorí náà tí ọkùnrin yẹn bá ní ẹ fi kọ̀ǹpútà ṣe é, kì í ṣe pé ó ń sọ ohun tí kò ṣeé ṣe, ẹ̀yin lẹ máa fi hàn pé tiyín ò rí bẹ́ẹ̀.

Fáìlì tó jáde yẹn náà, lẹ́tà lásán ni, ẹni tó bá ṣí i lórí kọ̀ǹpútà lè pa August kó kọ March sí i, kò ní fi àpá sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà kẹ́ni tó ní fáìlì nìkan, tí fóònù ẹ̀ ti sọnù, máa fọ́nnu. Fáìlì máa ń jẹ́ kó rọrùn láti kà àti láti tẹ̀ sórí bébà, fóònù ló máa ń jẹ́ kó ṣeé gbà gbọ́, kí méjèèjì bára mu lẹ́ta sí lẹ́ta. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi hàn pé láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti kó o jáde ẹ ò fọwọ́ kàn án mọ́, ohun kan wà tí ọmọ tó wà ní kafé lè bá yín ṣe lórí kọ̀ǹpútà Wíńdòsì, kó kọ báyìí níbi tí fáìlì náà wà:

```
certutil -hashfile "WhatsApp Chat with Baba Koko Idanre.zip" SHA256
```

Ó máa gbé lẹ́tà àti nọ́ńbà 64 jáde, ìyẹn dà bí ìtẹ̀ka fáìlì yẹn, kómà kan ṣoṣo tẹ́ ẹ bá yí nínú ẹ̀, gbogbo ẹ̀ á yí padà. Ẹ fi í ránṣẹ́ sí lọ́yà yín lórí ìméèlì lọ́jọ́ yẹn gan-an. Òfin ò sọ pé dandan ni o, tẹ́ ò bá rí ẹni bá yín ṣe é, ẹ fi sílẹ̀.

Ó wá kan sikirinṣọ́ọ̀tù. Ẹ tún un yà láti ìbẹ̀rẹ̀. Fọ́tò àkọ́kọ́, kó jẹ́ ojú ìwé tó máa jáde tẹ́ ẹ bá tẹ orúkọ ẹ̀ lókè ṣáàtì, níbi tí nọ́ńbà ẹ̀ ti hàn ketekete. Lẹ́yìn náà ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó kan owó yìí, ẹ máa bọ̀ nísàlẹ̀, kí mẹ́sééjì tó kẹ́yìn nínú fọ́tò kan jẹ́ èyí tó ṣáájú nínú èyí tó tẹ̀ lé e, kẹ́nikẹ́ni má lè sọ pé ẹ fo nǹkan. Kí ọjọ́ tó máa ń wà láàárín ṣáàtì hàn, torí aago nìkan ló wà lára mẹ́sééjì kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ ò sí níbẹ̀. Ẹ má fi pupa yí ọ̀rọ̀ po, ẹ má gé etí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sí lọ́yà, ẹ má fi í ránṣẹ́ lórí Wasáàpù bí ẹni ń fi fọ́tò ìgbéyàwó ránṣẹ́, ó máa ń fún un pọ̀, ẹ fi ránṣẹ́ bíi dókúmẹ́ǹtì, tàbí lórí ìméèlì.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù, tó sì máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu, ni fídíò. Ẹ ní kí ẹlòmíràn fi fóònù tiẹ̀ ká fídíò bẹ́ ẹ ṣe ń ṣí tiyín. Ẹ kọ́kọ́ tẹ `*#06#` kí nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù hàn, ẹ lọ sí `Settings` inú Wasáàpù kí nọ́ńbà tiyín hàn, ẹ ṣí ṣáàtì, ẹ tẹ orúkọ ọkùnrin náà kí nọ́ńbà tiẹ̀ hàn, ẹ padà sínú ṣáàtì, kẹ́ ẹ wá máa rọra fà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ dúró níbi fọ́ìsì nóòtù, ẹ tẹ̀ ẹ́ kó sọ̀rọ̀. Gbogbo ẹ̀ ní ìlà kan, láìdá a dúró. Ẹni tó fi áàpù ya ṣáàtì irọ́ ò lè ṣe èyí.

Ṣé ti nọ́ńbà ti tó? Kò tíì tó, torí ó lè ní síìmù yẹn kì í ṣe tòun, tàbí pé ọmọọṣẹ́ òun ló ń lo fóònù náà. Ẹ má sáré lọ bá ilé iṣẹ́ Wasáàpù, wọn kì í tọ́jú ọ̀rọ̀ inú mẹ́sééjì tó bá ti dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín, bí wọ́n tilẹ̀ tọ́jú ẹ̀, ó wà ní títì. Ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ló mọ orúkọ tó wà lórí síìmù, àmọ́ wọn ò ní sọ ọ́ fún yín lójú kíóńtà, àṣẹ kọ́ọ̀tù ni lọ́yà yín máa gbà. Kó tó débẹ̀, ẹ wo ohun tẹ́ ẹ ní. 700k tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ wà nínú sítétímẹ́ǹtì báǹkì yín, orúkọ ẹni tí owó wọ àpò ẹ̀ wà níbẹ̀, ọjọ́ sì wà níbẹ̀. Tí nọ́ńbà yẹn bá wá kọ̀wé lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ pé òun rí 700k, ta ló tún kù tó lè kọ ọ́ bí kò ṣe ẹni tí àlááàtì dún lórí fóònù ẹ̀? Tó bá tún jẹ́ pé nọ́ńbà yẹn náà ló fi àkáńtì tẹ́ ẹ máa sanwó sí ránṣẹ́ ṣáájú, kò sí ibi tó máa gbà yọ. Ẹ lọ gba sítétímẹ́ǹtì ti January yẹn ní báǹkì, kí òǹtẹ̀ wọn wà lára ẹ̀. Fọ́ìsì nóòtù náà ń ṣiṣẹ́ yìí, torí ẹ mọ ohùn ẹ̀, ẹ sì lè búra lórí ẹ̀. Ẹ sì rántí pé ṣáàtì yìí wà lórí fóònù méjì. Lọ́yà yín lè kọ ìwé sí i ṣáájú ẹjọ́ pé kó gbé tiẹ̀ wá. Tó bá kọ̀, tàbí tó ní òun ti pa á rẹ́, kó ṣàlàyé fún adájọ́.

Ẹ wá jẹ́ ká lọ sí ti òfin. Abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ti 2011 ló ń darí ohun tó bá jáde látinú kọ̀ǹpútà, fóònù yín sì jẹ́ kọ̀ǹpútà lójú òfin náà, torí ó ní ẹ̀rọ yòówù tó bá ń tọ́jú ọ̀rọ̀ tó sì ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀. Ní 2023 wọ́n tún òfin náà ṣe, wọ́n fi ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀ orí ẹ̀rọ sínú ẹ̀ kedere, àmọ́ abala 84 ṣì dúró. Ohun tó ń bèèrè ò le: ṣé ẹ̀rọ yẹn lẹ máa ń lò déédéé lásìkò yẹn, ṣé irú ọ̀rọ̀ yìí ló máa ń gbà wọlé, ṣé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣé ohun tó wà lórí bébà jáde látinú ẹ̀ lóòótọ́. Ẹ máa kọ sètífíkéètì tẹ́ ẹ fọwọ́ sí láti dáhùn wọ̀nyẹn. Kò sí ọ́fíìsì kankan tó ń ta á o, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gba owó yín l'Álágbàká pé òun fẹ́ bá yín gba sètífíkéètì 84. Lọ́yà yín ló máa tẹ̀ ẹ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni fóònù lẹ máa fọwọ́ sí i.

Ti ojú tó fọ́ ńkọ́? Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, ẹ má fi pamọ́. Òfin náà fúnra ẹ̀ sọ pé tí ẹ̀rọ bá ní àléébù, kẹ́ ẹ kàn fi hàn pé àléébù náà ò kan ohun tó wà nínú ẹ̀. Gíláàsì tó fọ́ ò yí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni padà. Àmọ́ ohun tí mo máa ń rí tí wọ́n máa ń gbàgbé nìyí: wọ́n á dárúkọ fóònù, wọ́n á kọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀, wọn ò wá ní sọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà kafé tí wọ́n gbé fáìlì sí àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Wọ́n jẹ́ ara ọ̀nà tó gbà jáde, kí wọ́n wà níbẹ̀, orúkọ wọn àti pé wọ́n ń ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́jọ́ yẹn. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé ẹjọ́ ìbò gómìnà Bayelsa kan dé kọ́ọ̀tù tó ga jù lọ nílẹ̀ yìí, ti Kubor àti Dickson, ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde látorí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n kàn nà sí kọ́ọ̀tù láìsí ẹni tó wá ṣàlàyé abala 84, kọ́ọ̀tù ò gbà á. Tó bá lè ṣẹlẹ̀ sí ẹjọ́ gómìnà, á ṣẹlẹ̀ sí ti owó kòkó.

Ó wá kù sí ibi tẹ́ ẹ gé. Àǹtí, ẹ má bínú, ibẹ̀ gan-an ló kan ọ̀rọ̀ náà jù. Gbogbo ìjà yín ni pé ṣé ẹ yá a ni àbí ẹ jọ ṣòwò, ẹ wá gé ibi tẹ́ ẹ ti ń bi í nípa èrè kúrò, pẹ̀lú bó ṣe wà lórí fóònù tiẹ̀. Ẹ ronú bó ṣe máa rí: ẹ ti búra tán, ẹ ti tẹ́ńdà fọ́tò mẹ́fà, lọ́yà tiẹ̀ á dìde, á gbé ìwé kan jáde, "Màdáámù, ẹ̀yin lẹ kọ èyí àbí ẹ̀yin kọ́?" Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Láti ìṣẹ́jú yẹn lọ, adájọ́ ò ní máa bèèrè bóyá ẹ jọ ṣòwò mọ́, á máa bèèrè kí ni mìíràn tẹ́ ẹ tún gé. Ẹ dá a padà, gbogbo ẹ̀.

Kẹ́ ẹ sì lọ ka ohun tó fi dá yín lóhùn lábẹ́ ẹ̀. Ká ní ẹ kọ ọ́ ní April pé "èrè wa ńkọ́", tó wá dáhùn pé "ẹ fọkàn balẹ̀, owó yín ò ní sọnù, August ni mo sọ", ẹ̀rí tó lágbára jù ní gbogbo ṣáàtì yẹn lẹ fi ọwọ́ ara yín gé dànù, torí ẹni tẹ́ ẹ jọ dówó pọ̀ kì í dájọ́ tó máa dá owó yín padà fún yín ní pípé, yálà òwò dára tàbí kò dára. Ká ní ó dáhùn pé "kòkó ti ń já wálẹ̀, ẹ jẹ́ ká jọ fara dà á", tẹ́ ẹ sì ní ó dáa, ọ̀rọ̀ míì nìyẹn, kí lọ́yà yín mọ̀ ọ́n báyìí kó tó gbọ́ ọ ní kọ́ọ̀tù. Lóòótọ́ gbogbo wa la rí i pé kòkó gbówó lórí bí iná ní 2024, tó sì já wálẹ̀ ní 2025, ọkùnrin náà lè pàdánù lóòótọ́, àmọ́ ìpàdánù tiẹ̀ ò sọ owó yíyá di owó òwò. Tó bá jẹ́ pé ó ṣèlérí nǹkan díẹ̀ lé orí owó yín, tí ẹ wá ń pe ìyẹn ní èrè, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, ẹ wá ibi tó ti ṣèlérí ẹ̀ nínú ṣáàtì tàbí nínú fọ́ìsì nóòtù. Ohun tí adájọ́ máa wò ni pé ṣé iye tó máa dá padà wà, ṣé ọjọ́ wà, ṣé ó fi ìgbà kan fi ìṣirò òwò hàn yín rí, ṣé ẹ̀yin náà fi ìgbà kan sọ pé ẹ máa pín nínú àdánù.

Nǹkan kan ṣẹ́ kù tí àwọn tó ń ṣáàtì ní Yorùbá kì í rántí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kọ́ọ̀tù ń kọ sílẹ̀, ṣáàtì tó bá jẹ́ Yorùbá gbọ́dọ̀ ní ìtumọ̀, bí adájọ́ náà tilẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìjọ̀mù ni, kò lè kà á fúnra ẹ̀ kó máa dájọ́ lé e lórí. Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa túmọ̀ ẹ̀, torí ẹ̀yin lẹ lẹ́jọ́. Akọ̀wé kọ́ọ̀tù tó ń ṣe ògbufọ̀ lè ṣe é, tàbí ẹni tó mọ èdè méjèèjì dáadáa, tó sì ṣe tán láti wá dúró ní ibi ẹlẹ́rìí kó sọ pé òun lòun túmọ̀ ẹ̀. Fọ́ìsì nóòtù lẹ́ẹ̀mejì ni wàhálà tiẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ kọ ohun tó sọ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, wọ́n á wá túmọ̀ ẹ̀, bó bá sì jẹ́ èdè Ìdànrè ló fi sọ̀rọ̀, ẹ wá ẹni tó gbọ́ ọ dáadáa, kì í ṣe ọmọ Ìbàdàn tó ń méfò. Ẹ jẹ́ kí fáìlì ohùn náà bá ìwé yẹn lọ, lórí fáláàṣì, kí ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ fúnra ẹ̀ gbọ́ ọ.

Ẹ má sì kọ mẹ́sééjì gígùn sí i báyìí láti fi dẹ ẹ́, irú èyí tí wọ́n máa ń kọ pé "gẹ́gẹ́ bó o ṣe mọ̀ pé mo yá ẹ ní 1.2 mílíọ̀nù ní January". Òfin ò fẹ́ràn ìwé tí ẹni tó ti ń múra ẹjọ́ kọ fún ara ẹ̀, lọ́yà tiẹ̀ á sì mọ̀ pé ẹ ti lọ bá lọ́yà kẹ́ ẹ tó kọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bèèrè owó yín, ẹ bèèrè ní gbólóhùn kan, bẹ́ ẹ ṣe máa ń bá a sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Kẹ́ ẹ má ṣe jẹ́ kẹ́nikẹ́ni bá yín ṣí fóònù tiẹ̀ níkọ̀kọ̀, ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn fúnra ẹ̀ lábẹ́ òfin sáíbà ti 2015, ẹ lè ti ibi owó bọ́ sí ibi ìdájọ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá pe ẹjọ́ yín ní Májísíréètì ní Òkè-Ẹ̀dá, tàbí ibi yòówù tí lọ́yà bá fi sí, ẹ gbé fóònù náà dání, kó kún fún iná, kẹ́ ẹ mú chájà àti páwà báǹkì dání pẹ̀lú, kẹ́ ẹ sì ti rántí nọ́ńbà tẹ́ ẹ fi ń ṣí i, torí tí lọ́yà tiẹ̀ bá ní kẹ́ ẹ ṣí ṣáàtì January yẹn kí adájọ́ wò ó, kò ní sí àsìkò láti sọ pé ẹ ń bọ̀ ẹ fẹ́ lọ ṣájì.